Iye Kan Náà, Oṣù Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ibi Tí Èlé Ọdún Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Ti Ń Ṣìnà

Bí ọdún bá ń parí lọ, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fẹ́ pín èlé orí owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi pamọ́, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ń ṣe kò le rárá. Wọ́n á ṣí lẹ́jà, wọ́n á wo iye tó wà lórúkọ oníkálukú ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá, wọ́n á sì fi iye yẹn pín èrè ọdún: ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ gba púpọ̀, ẹni tí tirẹ̀ kéré gba kékeré. Ojú tó wò ó kò rí àléébù kankan. Àròpọ̀ bára mu, kò sí kọ́bọ̀ tó sọnù, aṣàyẹ̀wò ìwé owó sì ti fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún ni ìlànà yìí ń bu owó lápò ọmọ ẹgbẹ́ kan sápò òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè. Owó tó wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún kò sọ fún wa bí ó ṣe pẹ́ tó nílẹ̀, èlé kò sì sí lára owó bí kò bá sí àkókò tó fi ṣiṣẹ́. Apá ibi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí nínú ìwé ẹgbẹ́, èyí tí akọ̀wé máa ń fi sílẹ̀ lófo tàbí kí ó kọ “Oṣù Kẹta” lásán sí, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́ sá pamọ́ sí.

Ibi tí àṣà kíkọ iye láìka ọjọ́ sí ti wá kò jìnnà sí wa. Nínú èsúsú, irú èyí tí Samuel Johnson ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, iye kan náà ni oníkálukú ń dá ní àsìkò kan náà, wọ́n á sì máa kó o fún ara wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ohun tí èèyàn dá ni yóò kó, kò lé, kò dín, nítorí náà gbogbo ohun tí olórí èsúsú ní láti rántí kò ju ta ló ti kó àti ta ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alájọ tó ń fa ilà sórí káàdì: ní ìparí oṣù, ó yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dá ìyókù padà fún ẹni tó ni í. Kò sí èlé níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ọjọ́ tí ilà kẹtàlá bọ́ sí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yàtọ̀, nítorí pé ó ń fi owó náà yá ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú èlé, èrè sì ń padà wá. Àwọn tó gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ ṣe pàtàkì. C. F. Strickland, tó ti ṣiṣẹ́ lórí irú ẹgbẹ́ báyìí ní Íńdíà, ni ìjọba amúnisìn pè wá wo ọ̀rọ̀ náà ní Nàìjíríà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1934, òfin sì tẹ̀ lé e ní 1935, ó fara jọ ti Íńdíà gan-an. Nínú irú òfin yìí, ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ lè kọ́kọ́ gbára lé, ohun tó sì jẹ́ ẹ̀rí lé lórí ni ọjọ́ tí orúkọ èèyàn wọ ìwé àti ọjọ́ tó kúrò. Ọjọ́ ni òfin dárúkọ. Àwa la sọ ìwé náà di ìwé iye.

Kí a tó ṣe ìṣirò, ó yẹ kí a ya owó mẹ́ta tó wà lójú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ọjọ́ ìpàdé ọdún ń wá láti inú dída wọn pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ìpín, tí àwọn mìíràn ń pè ní ṣíà. Ìpín ni owó tó fi èèyàn ṣe ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́. A kì í yọ ọ́ bí a bá ṣe fẹ́, òfin kò sì gbà kí ẹnì kan ní ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìpín ẹgbẹ́ lọ. Bí ìpín ọmọ ẹgbẹ́ ti wù kó pọ̀ tó, ìbò kan náà ló ní. Èkejì ni owó ìfipamọ́, èyí tó ń wọlé lóṣooṣù, tí èèyàn sì lè gbà padà bí ìwé òfin ẹgbẹ́ bá ṣe là á sílẹ̀. Gbèsè ẹgbẹ́ ni owó yìí jẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yáwó, èyí tó jẹ́ gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Ìpín kì í sábàá yí padà láàárín ọdún, nítorí náà èlé orí rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Orí owó ìfipamọ́, tó ń wọlé tó ń jáde, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹgbẹ́ kékeré kan, kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí òfin kò tilẹ̀ ní fọwọ́ sí i, nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tó 10 kí a tó lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn mẹ́ta péré ni tiwa, kí ìṣirò má baà gùn. Adùnní ń fi ₦10,000 pamọ́ lóṣooṣù láti Oṣù Kìn-ín-ní. Dúrótóyè kó ₦120,000 wá lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kìn-ín-ní, kò sì fọwọ́ kàn án títí ọdún fi parí. Bánkọ́lé kò mú nǹkan kan wá ní gbogbo ọdún àfi ìgbà tí Oṣù Kejìlá wọlé, tó san ₦120,000. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá, ₦120,000 ló wà lórúkọ oníkálukú wọn. Bí ₦23,400 bá jẹ́ owó tí ẹgbẹ́ yà sọ́tọ̀ fún èlé orí owó ìfipamọ́, akọ̀wé tó ń wo ìparí ọdún nìkan yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ₦7,800. Ọgbọọgba, kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, bí ojú bá ṣe rí i.

Ẹ wá jẹ́ kí a ka oṣù. Ká pe náírà kan tó sùn nínú àpò ẹgbẹ́ fún oṣù kan gbáko ní ìsùn kan. ₦120,000 Dúrótóyè sùn fún oṣù 12, ìyẹn ìsùn 1,440,000. Ti Bánkọ́lé sùn fún oṣù kan ṣoṣo: 120,000. Ti Adùnní ń ga sókè bí àkàbà: 10,000 ní oṣù àkọ́kọ́, 20,000 ní èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 120,000 ní oṣù kejìlá, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 780,000. Gbogbo ìsùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 2,340,000. Bí a bá pín ₦23,400 sí i, kọ́bọ̀ kan péré ló kan ìsùn kọ̀ọ̀kan. Dúrótóyè yóò gba ₦14,400, Adùnní ₦7,800, Bánkọ́lé ₦1,200. Ti Adùnní kò yí padà, èyí sì ni ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fi owó pamọ́ lóṣooṣù kò fi ní fura láé. Ìwé tó ṣì tọ́ fún wọn lè jẹ́ ìwé tí kò tọ́ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ₦6,600 ti kúrò lọ́wọ́ Dúrótóyè, ó ti dé ọwọ́ Bánkọ́lé, nínú ìwé tí àròpọ̀ rẹ̀ pé. Ti ẹni tí ₦120,000 rẹ̀ wà nílẹ̀ fún oṣù 11, tó wá gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá fi tọ́jú aláìsàn, tún burú ju èyí lọ: ìlànà ìparí ọdún kò ní fún un ní kọ́bọ̀, nígbà tí owó rẹ̀ ti bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ tó ìlọ́po 11 ti Bánkọ́lé.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì dìbò fún un. Àdéhùn kò kúkú jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ohun tó bá òótọ́ mu ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá mọ ìṣirò díẹ̀ yóò rí i pé owó oṣù kan ń gba èlé ọdún kan. Yóò di owó rẹ̀ mú láti Oṣù Kìn-ín-ní, yóò fi ṣòwò tirẹ̀ tàbí kí ó fi sí báǹkì, yóò sì kó o wá nígbà tí wọ́n bá ń múra àtipa ìwé dé. Bí ọdún tuntun bá wọlé, yóò ní òun fẹ́ gbà á padà. Nígbà náà, Oṣù Kẹsàn-án, tí owó ilé ẹ̀kọ́ ń lé àwọn òbí kiri, ni àpò ẹgbẹ́ yóò gbẹ, tí àwọn tó fẹ́ yá owó yóò tò sí ẹnu ọ̀nà akápò. Oṣù Kejìlá ni àpò yóò kún àkúnya, tí kò sì ní sí ìgbà mọ́ láti fi owó náà ṣe èrè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èyí ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó kàn kọ àròpọ̀ owó ìfipamọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan síbi kan. Bí iye náà bá fò sókè ní oṣù kejìlá tó sì já wálẹ̀ ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé òfin ẹgbẹ́ ló ń sanwó fún àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó gbajúmọ̀ jù ni ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n á ní, “Orísun owó oṣù wa ni wọ́n ti ń yọ tiwa, ọjọ́ kan náà ló ń wọlé fún gbogbo wa, kí la fẹ́ máa ka oṣù fún?” Ìbá jẹ́ òótọ́, bí gbogbo wọn bá wọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí iye tí wọ́n ń yọ jẹ́ ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì gba owó jáde rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ẹgbẹ́ ní ọdún 8 sẹ́yìn gbé owó ọdún 8 wọ Oṣù Kìn-ín-ní, owó àtẹ̀yìnwá yẹn sì ń sùn ní gbogbo oṣù 12. Ẹni tuntun tí ń yọ iye ńlá lóṣooṣù lè lé e bá ní ìparí ọdún láìjẹ́ pé wọ́n jọ rìn. Lẹ́yìn èyí, ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó náà lè pẹ́ kí ó tó fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ọjọ́ wo ni ká kọ nígbà náà? Ọjọ́ tí wọ́n yọ owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ni àánú yóò sọ pé ká kọ. Ọjọ́ tí owó dé báǹkì ẹgbẹ́ ni ìṣirò yóò sọ. Ìṣirò ni mo fara mọ́, nítorí pé owó tí kò tíì dé kò lè yá ẹnikẹ́ni, ẹjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ní sì wà lọ́rùn agbanisíṣẹ́, kò sí lọ́rùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù. Kìkì pé ìwé gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ méjèèjì, kí òṣìṣẹ́ lè mọ ẹni tí yóò bá wíjọ́.

Àtakò kejì ni ti iṣẹ́ akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé kì í gba owó oṣù. Wọ́n ń ṣe é mọ́ iṣẹ́ tiwọn ni. Ọmọ ẹgbẹ́ 100 fún oṣù 12 jẹ́ iye 1,200 tí a ní láti kọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó ń kọ iye tó kù lẹ́yìn ìsanwó kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí lẹ́jà rí, ti kọ wọ́n tán kí ọdún tó parí. Ohun tó kù ni kí ó mú iye oṣù kọ̀ọ̀kan sójú ìwé kan, oṣù mẹ́jìlá lórí ìlà kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí ó sì rò ó pọ̀. Ìwé òfin gbọ́dọ̀ sọ ohun méjì fún un. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí owó fi lè wọlé kí oṣù náà tó kà á, bí àpẹẹrẹ ọjọ́ karùn-ún. Èkejì ni pé iye tó kéré jù láti ọjọ́ yẹn dé ìparí oṣù ni yóò kọ, kí ẹni tó san owó ní ọjọ́ kẹrin tó sì gbà á ní ogúnjọ́ má baà jẹ èlé oṣù tí kò jókòó pé. Ẹgbẹ́ tó bá ń lo kọ̀ǹpútà lè fi oṣù 12 sí C títí dé N, kí ó kọ iye tó kan ìsùn kan sínú P1, kí ó sì tẹ èyí sí iwájú ọmọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó wà ní ìlà 5:

```
=SUM(C5:N5)*$P$1
```

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ọjọ́ tí a kò kọ fún un, ẹgbẹ́ tó sì gbé ìwé tí kò ní ọjọ́ sórí rẹ̀ ti kàn jẹ́ kí àṣìṣe rẹ̀ yára ni.

Àwọn tó yá owó náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì wúwo. Wọ́n á ní àwọn ló san èlé tí à ń pín, báwo ló ṣe jẹ́ pé àwọn tó fi owó pamọ́ nìkan ni ẹ ń ka oṣù fún? Òótọ́ ni. Bí a bá ka oṣù fún owó tó wọlé, ó di dandan kí a kà á fún owó tó jáde. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ń gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo ojú owó, kíá tí wọ́n bá ti yá a. Ẹni tó yá ₦240,000 tí yóò san ₦20,000 padà lóṣooṣù fún oṣù 12 yóò san èlé ₦24,000, bíi pé gbogbo ₦240,000 náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ₦20,000 péré ló kù sí i lọ́rùn. Bí a bá ṣírò ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí ohun tó kù, èlé rẹ̀ yóò jẹ́ ₦15,600. Ẹ kíyè sí i pé ìdá kan lóṣù, tó ń dún létí bí ìdá 12 lọ́dún, kéré sí ìdá 10 tí wọ́n fi ń polówó. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ₦8,400 yìí kò yàtọ̀ sí èyí tó gbé owó Dúrótóyè fún Bánkọ́lé: a pa ọjọ́ rẹ́ nínú ìwé. Ẹgbẹ́ tó bá ní òun kò lè fi ₦8,400 yẹn sílẹ̀ lè gbé èlé oṣù rẹ̀ sókè ní gbangba, tàbí kí ó dá díẹ̀ padà fún àwọn tó yá owó ní ìparí ọdún, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó dá ilé ìtajà wọn sílẹ̀ ní 1844, ti ń pín èrè gẹ́gẹ́ bí oníkálukú ṣe rajà tó.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ₦23,400 náà, nítorí pé a ti ń pín in láti òkè láìbéèrè ibi tó ti wá. Ká ní ẹgbẹ́ wa ní owó ìpín ₦150,000 àti owó àpamọ́ àtọdúnmọ́dún tó fi kún owó ìfipamọ́ láti yá àwọn èèyàn, tí èlé orí ẹ̀yáwó ọdún náà sì jẹ́ ₦60,000 nínú ìwé. Ìnáwó, ìyẹn ìwé, owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò, gba ₦14,000. Ó ku ₦46,000. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1993 ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ lọ sínú àpò ìpamọ́ ẹgbẹ́ kí a tó pín ohunkóhun: ₦11,500. Nínú ₦34,500 tó kù, a san ₦6,000 fún èlé orí ìpín, a fi ₦5,100 dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ₦23,400 sì kù fún owó ìfipamọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹgbẹ́ kankan ṣèlérí èlé ìfipamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a ti jẹ ni à ń pín. Orúkọ tí à ń jẹ́ gan-an ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan yá ₦200,000, kò sì san kọ́bọ̀, ìbáà ṣe ojú owó tàbí èlé, láti Oṣù Kẹta. Oṣù mẹ́wàá ni títí ọdún fi parí, ìdá kan lóṣù, ₦20,000 nìyẹn. Akọ̀wé ti ń kọ ₦2,000 lóṣooṣù sí ẹ̀gbẹ́ èlé, nítorí pé ó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè rẹ̀ lóòótọ́. Owó náà wà nínú ₦60,000, kò sí nínú báǹkì. Bí a bá yọ ọ́, èlé tó wọlé jẹ́ ₦40,000. Lẹ́yìn ìnáwó, ₦26,000. Lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́rin, ₦19,500. Lẹ́yìn èlé ìpín àti ti akọ̀wé, ₦8,400. Èlé Adùnní yóò ti ₦7,800 bọ́ sí ₦2,800. Bí ẹgbẹ́ bá fi agídí pín ₦23,400, níbo ni ₦15,000 tó lé yóò ti wá? Inú owó ìfipamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni, kò sí ibòmíràn. Adùnní yóò jó ní ọjọ́ ìpàdé, owó ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ná an. Ẹgbẹ́ lè máa ṣe báyìí fún ọdún púpọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bá ń wọlé, títí di ọjọ́ tí àwọn mẹ́wàá bá jọ béèrè owó wọn.

Bí a ṣe lè mọ̀ wà nínú ìwé ẹ̀yáwó, ọjọ́ náà ló sì ń sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tí kò fẹ́ kí gbèsè tó dúró hàn lójú ìwé máa ń ṣe àtúnyá: ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún, wọ́n á kọ ọ́ pé onígbèsè san ₦220,000, ojú owó àti èlé, wọ́n á sì kọ ọ́ ní ọjọ́ kan náà pé ó yá ẹ̀yáwó tuntun ₦220,000. Kò sí owó tó kúrò níbi tó wà. Gbèsè ti di ọmọ tuntun, èlé tí wọn kò gbà ti di èrè. Ẹni tó ń wo iye nìkan yóò yọ̀ pé ẹni yẹn ti san gbèsè rẹ̀ tán. Ẹni tó ń wo ọjọ́ yóò rí ìsanwó àti ẹ̀yáwó tó jọ bọ́ sí ọjọ́ kan, yóò béèrè nọ́ńbà rìsíìtì, yóò sì wo ìwé báǹkì ọjọ́ náà. Èmi kò sọ pé gbogbo àtúnyá ni ẹ̀tàn. Ẹni tí àìsàn kọlù lè nílò àsìkò sí i. Ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ pé a fún un ní àsìkò, kí a má kọ ọ́ pé ó sanwó, kí èlé rẹ̀ sì dúró síta títí yóò fi wọlé. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì pàápàá ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, nítorí pé ẹ̀yáwó àkọ́kọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí, kì í ṣe ọmọ tó bí.

Ibi tí gbogbo èyí ti ń pàdé ni ìwé ìṣirò ọdún tí ẹgbẹ́ ń fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ẹgbẹ́ mìíràn, kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ìpín rẹ nìyí, ìfipamọ́ rẹ nìyí, èlé rẹ nìyí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé jà níyàn, nítorí pé kò sí ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ lè fi wé e. Èyí tó wúlò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó to ìsanwó àti owó tó jáde pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ó kọ iye tí wọ́n kà fún oṣù kọ̀ọ̀kan, iye tó kan ìsùn kan, èlé tó jáde, ohun tó kù lórí ẹ̀yáwó, àti orúkọ àwọn tí ọmọ ẹgbẹ́ náà dúró fún. Inú lẹ́jà ni kí wọ́n ti mú un, kì í ṣe inú páàsìbúùkù ọmọ ẹgbẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé akápò tó gba owó tó kọ ọ́ sínú páàsìbúùkù, ṣùgbọ́n tí kò kọ ọ́ sínú lẹ́jà, kò sí bí a ṣe lè mú un àfi kí ìwé méjèèjì jìnnà síra kí wọ́n tó pàdé. Bí ìwé ìṣirò bá jẹ́ àdàkọ páàsìbúùkù, wọ́n yóò bára mu lọ́jọ́kọ́jọ́, ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì sùn fọnfọn. Lẹ́yìn náà ni kí aṣàyẹ̀wò ro owó ìfipamọ́ tó wà lójú ìwé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀, kí ó wò ó bóyá ó bá iye kan ṣoṣo tó wà nínú ìwé gbèsè àti ohun ìní ẹgbẹ́ mu. Bí ó bá fi ₦500 yàtọ̀, kí wọ́n wá ₦500 náà. Ìyàtọ̀ kékeré lè jẹ́ àṣìṣe ńlá méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé ọdún ló yẹ kí ìwé yìí dé ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe lójú agbo nígbà tí ìrẹsì ti ń ta sánsán. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fún ọmọ rẹ̀ kí ó kà á fún un. Nílé ni èyí ti ṣeé ṣe. Ìbéèrè kan sì wà tí ìpàdé gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó tú ká. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí èlé ní ọ̀sẹ̀ kẹta Oṣù Kẹta, ọjọ́ wo ni akọ̀wé yóò kọ sí i nínú lẹ́jà, tí ₦14,400 Dúrótóyè bá di owó ìfipamọ́? Kò lè jẹ́ 31 Oṣù Kejìlá, nítorí pé kò sí ẹni tó ní èlé kankan kí ìpàdé tó dìbò. Ṣùgbọ́n àpò ẹgbẹ́ ni owó náà wà láti Oṣù Kìn-ín-ní, ó sì ti ń bá wọn yá èèyàn. Èrò tèmi ni pé kí akọ̀wé kọ ọjọ́ ìpàdé gan-an síbi tí ọjọ́ ń wà, kí ó má fi ọjọ́ àtijọ́ sí i. Kí ìpàdé sì dìbò pé láti Oṣù Kìn-ín-ní ni wọn yóò ti máa ka ìsùn rẹ̀, kí nọ́ńbà ìpinnu náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn. Bí ìpàdé kò bá sọ nǹkan kan, oṣù mẹ́ta tí owó yẹn sùn yóò jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, Bánkọ́lé, tí tirẹ̀ jẹ́ ₦1,200, yóò sì tún jẹ nínú rẹ̀.